Ògì Tó Ń Kan Nígbà Tọ́mọ Ń Sùn

Òwò tí òbí ọmọ kékeré lè ṣe nílé pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé fi sílẹ̀ lójijì kò pọ̀. Ẹni tó ń dín àkàrà tàbí ìpékeré tà kò lè fi epo gbígbóná sílẹ̀ nígbà tọ́mọ bá figbe ta, ọmọ tó ń rákò kò sì mọ̀ pé iná ń jóni. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ògì. Omi àti àkókò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tiyín kàn ń wọlé wọ́n-ín-wọ́n-ín ni.

Ká sọ pé ìyá kan wà n'Ìbàdàn, tí àkọ́bí rẹ̀ ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí àbúrò kò sì tíì pé ọdún méjì. (Bàbá tó ń gbélé tọ́mọ náà lè ṣe é, ògì ò mọ akọ ò mọ abo.) Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn táwọn ọmọ ti sùn, ó ṣa àgbàdo kóńgò 4, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi omi tútù rẹ ẹ́. Àgbàdo jíjẹ ni kó rà o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi oògùn pa láró fún gbígbìn. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, kò ju kó da omi náà nù, kó ṣan àgbàdo, kó sì bu òmíì sí i. Bí kò bá pààrọ̀ omi, òórùn rẹ̀ á le, ògì á sì kan ju bí àwọn oníbàárà ṣe fẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń mú àkọ́bí lọ síléèwé, ó gbé àgbàdo dání lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Àárọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí bí wọ́n bá ti lọ ata sínú ẹ̀rọ náà, ògì yín á máa ta lẹ́nu, ọmọ ọwọ́ tó bá mu ún á sì jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹ bá ẹlẹ́rọ sọ ọ́ kó fọ ẹ̀rọ kó tó lọ tiyín.

Sísẹ́ ló gba agbára jù. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n ń ta sórí korobá, wọ́n á máa bomi sí àgbàdo lílọ̀ náà, wọ́n á sì máa fọwọ́ rò ó títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Oorun ọ̀sán àbúrò lè tó o. Bó bá jí, ẹ bo gbogbo rẹ̀, ẹ gbé ọmọ. Kò sí ohun tó máa bà jẹ́ láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi korobá omi sílẹ̀ láìbò, nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè dorí kodò sínú rẹ̀, kó sì rì láìpariwo. Orí tábìlì gíga tàbí yàrá tí ẹ tì pa ló yẹ kó wà.

Tó bá di alẹ́, ògì ti rogún. Ẹ rọra yọ omi orí rẹ̀, ẹ dì í sínú aṣọ, kó máa ro títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ pín in sínú ọ̀rá. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ń wá ohun tí wọ́n á fi jẹ àkàrà, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n á sì bá ọjà. Àwọn ìyá tí ẹ ń bá pàdé nígbà tẹ́ ẹ bá lọ mú ọmọ níléèwé ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ẹ gba iye tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó rẹ àgbàdo.

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀: àgbàdo ₦6,000, ẹ̀rọ ₦1,200, ọ̀rá ₦500, ọkọ̀ ₦800, ó di ₦8,500. Bí ẹ bá rí ọ̀rá 24, tẹ́ ẹ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦500, ₦12,000 wọlé. ₦3,500 ló kù. Bí ọ̀rá 7 kò bá tà, owó tí ẹ ná nìkan ló padà wá. Èyí tó ṣẹ́ kù lè wà nínú fíríìjì. Níbi tí iná kò sí, ẹ bu omi lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá ti ń hu àwọ̀ tàbí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ dà á nù. Èèrí rẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ kì í kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ orúkọ sára ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní láti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Ibi tí òwò yìí ti ń dákú ni ọjọ́ tí ara ọmọ bá gbóná nígbà tí àgbàdo ti wà nínú omi. Ẹ ti bá ọ̀dọ́ kan ládùúgbò ṣàdéhùn ṣáájú pé yóò gbé e lọ sí ẹ̀rọ lówó ọ̀yà. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi, ẹ ṣan án, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì pe àwọn oníbàárà pé ọjọ́ Àìkú ni ògì máa dé.