Níbo Ni Pákó Òrùlé Ń Gbà Lọ?

Onílé ra pákó bó ṣe wà nínú ìwé ìṣirò. Nígbà tó ku férémù òrùlé kan péré, káfíńtà ránṣẹ́ pé pákó ti tán. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn onílé ni pé wọ́n ti jí òun ní pákó. Èmi náà ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àgékù tó wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24, tó gùn ní 28, tí òrùlé rẹ̀ ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Bí a bá ń to férémù ní ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́jọ ni yóò gbà. Ká ní ṣóńṣó òrùlé fi ẹsẹ̀ 5 ga ju orí ògiri lọ. Ìdajì fífẹ̀ ilé jẹ́ 12. Ẹ sọ 12 di púpọ̀ lọ́nà 12, kí ẹ sọ 5 di púpọ̀ lọ́nà 5, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀: 169 ni, ìyẹn 13 lọ́nà 13. Nítorí náà ráfítà yóò gùn ní ẹsẹ̀ 13 láti orí ògiri dé ṣóńṣó. Bí a bá yọ imú òrùlé síta ní ẹsẹ̀ 2, ó di ẹsẹ̀ 15 àti ínṣì 2.

Ráfítà méjì, tai-bíìmù ẹsẹ̀ 24 nísàlẹ̀, òpó àárín ẹsẹ̀ 5, àti igi ìtìlẹ́yìn méjì tó dà gẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó lọ gbé àárín ráfítà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ 6 àtààbọ̀: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 72 àti ínṣì 4 fún férémù kan. Ìwé ìṣirò á fi ìdá mẹ́wàá lé e nítorí àgékù, á pín in sí pákó ẹlẹ́sẹ̀ 12, á sì ní kí a ra 54 fún férémù mẹ́jọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Pákó tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ 12 sábà máa ń la lórí àti nídìí. Bí a bá gé ínṣì 3 kúrò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ 11 àtààbọ̀ ló ṣẹ́ kù. Ráfítà kankan kò sì lè jáde lára pákó kan ṣoṣo, a ní láti so ó. Ibi tí igi méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn yẹn ló ń jẹ pákó jù, ìwé ìṣirò kì í sì í kà á.

A ó gé ráfítà ní ẹsẹ̀ 15 àti ínṣì 4, torí pé orí rẹ̀ yóò dà gẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ẹsẹ̀ 2 so ó, ìyókù tí a nílò jẹ́ ẹsẹ̀ 5 àti ínṣì 10, méjì rẹ̀ kò sì lè jáde lára pákó kan: ínṣì 2 ló fi kù. Ínṣì méjì yìí á sọ pákó mẹ́ta di mẹ́rin fún ráfítà méjì. Ẹ fi ẹsẹ̀ 1 àti ínṣì 10 so ó, ìyókù á di ẹsẹ̀ 5 àti ínṣì 8, pákó mẹ́ta á sì tó. Ẹ jẹ́ kí igi tó gùn bẹ̀rẹ̀ láti imú òrùlé, kó gba orí ògiri àti orí igi ìtìlẹ́yìn kọjá kí ìsopọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá bọ́ sí àárín ògiri àti ìtìlẹ́yìn, páànù ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ kòtò.

Pákó méjì ni tai-bíìmù gbà, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ 1 jìnnà síra láàárín. A ó fi àlẹ̀mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ 5 dè wọ́n lọ́tùn-ún lósì, òpó á sì sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àlẹ̀mọ́ méjèèjì. Igi ìtìlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan tí a bá gé lára pákó tuntun á ṣẹ́ ẹsẹ̀ 5 kù: ọ̀kan di òpó, ìkejì di àlẹ̀mọ́. Àlẹ̀mọ́ kan ló kù, pákó kan á sì bí méjì irú rẹ̀, fún férémù méjì.

Pákó méje àtààbọ̀ nìyẹn fún férémù kan, ọgọ́ta fún mẹ́jọ, kì í ṣe 54. Ohun tó lé lórí gígùn igi tí a yà sínú àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. N kò tíì ka igi tí a ń kan páànù mọ́ o.

Bí ọjà bá fún yín ní pákó tó tẹ̀, ẹ má dá a padà kíákíá, òun ni kí ẹ gé sí àlẹ̀mọ́. Pákó tó gún ni ti ráfítà. Ẹ sì jẹ́ kí káfíńtà kọ́kọ́ gé igi gígùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé òpó àti àlẹ̀mọ́ lára pákó odindi, àgékù ẹlẹ́sẹ̀ 5 ni yóò kún ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí lọ. Lọ́jọ́ tí mo ka tèmi, mẹ́tàlá ni mo bá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo lọ bẹ káfíńtà náà.