Qaddafi, Gadhafi, Kadafi: Ohun tó ń sọ orúkọ kan di ọ̀pọ̀

Nígbà tí Muammar Gaddafi ṣì wà lórí àlééfà ní Líbíà, ẹni tó bá ra ìwé ìròyìn mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà lè bá orúkọ rẹ̀ pàdé lọ́nà mẹ́ta. New York Times a kọ ọ́ ní Qaddafi, Los Angeles Times ní Kadafi, Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní Gaddafi. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà ṣa gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ jọ, ó sì ka 112. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé-kéwú kan ní Trípólì kò mọ̀ ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: معمر القذافي.

Ohun tó fà á kò ju pé ábídí méjèèjì kò bá ara wọn mu. Kí a mú orúkọ ọkùnrin yìí ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà á yé wa.

Lẹ́tà ق ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀. Inú ọ̀fun lọ́hùn-ún ni ìró rẹ̀ ti ń wá, ó jìnnà sẹ́yìn ju k tiwa lọ. Àwọn onímọ̀ yan q fún un. Ẹni tó ń fi etí Òyìnbó gbọ́ ọ a kọ k. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àwọn ará Líbíà, g ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni Gaddafi ti jáde. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ذ, ní ìró tí Yorùbá kò ní rárá: ẹni tó ń pè é gbọ́dọ̀ fi orí ahọ́n kan eyín òkè kí ohùn sì máa dún. Àwọn kan kọ ọ́ ní dh, àwọn kan ní th, àwọn mìíràn sì fi d lásán rọ́pò rẹ̀. Èyí tó tún mú un le ni pé kíkì ni wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀ nínú orúkọ yìí, bí ìgbà tí a pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí hàn yóò kọ dd, tàbí kó kọ dhdh tó ń dí ojú.

Ọ̀rọ̀ kékeré ال náà tún wà níwájú. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní al, àwọn kan ní el, àwọn kan sì ń yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ní ìparí, i tàbí y ni. Tí a bá wá ṣe ìṣirò, ọ̀nà 3 fún lẹ́tà àkọ́kọ́, 5 fún ti àárín, 2 fún ìparí àti 3 fún ọ̀rọ̀ iwájú, 90 ni wọn yóò jẹ́, a ò sì tíì fọwọ́ kan Muammar.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni Muammar jẹ́ lórí ìwé: م, ع, م, ر. Fáwẹ̀lì kúkúrú kì í sí nínú àkọsílẹ̀ Lárúbáwá àfi nínú Kùránì, ìwé àwọn ọmọdé àti irú wọn. Ẹni tó ti mọ orúkọ náà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ kún un. Etí kan gbọ́ Mu, etí kejì gbọ́ Mo. Ní ti ع, ábídí Látìnì kò ní ohun tó jọ ọ́, nítorí náà àwọn kan fi àmì kékeré sí i, Mu'ammar, ọ̀pọ̀ sì fò ó dá.

Ṣé kí a wá bi olórúkọ léèrè ni? Ní 1986, Gaddafi fèsì lẹ́tà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Mìnẹsótà kọ sí i. Moammar El-Gadhafi ni wọ́n fi ábídí Látìnì kọ sábẹ́ ìbuwọ́lùwé rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìròyìn AP sì di Gadhafi mú. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ilé rẹ̀ ní Trípólì, wọ́n rí pásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ kan níbẹ̀. Gathafi ló wà nínú rẹ̀.

Èdè Òyìnbó tó jọba níbì kan tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà ش, tó dún bí ṣ tiwa, ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi sh kọ, Faransé ń fi ch kọ ọ́. Ìdí nìyí tí رشيد fi di Rachid ní Àlùjíríà àti Mòrókò, tó di Rashid ní Pàkístáànì, tó sì di Raşit ní Tọ́kì, níbi tí wọ́n ti fi ábídí Látìnì rọ́pò ti Lárúbáwá ní 1928. Yorùbá tó jẹ́ Ràṣídì ní Ìbàdàn lè kọ orúkọ rẹ̀ ní Rasheed sórí ìwé ẹ̀rí. Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bìnẹ̀, lè máa kọ Rachidi. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Ìdàkejì rẹ̀ ló léwu jù: orúkọ méjì tó di ọ̀kan. Yàtọ̀ sí رشيد, orúkọ mìíràn wà, راشد, tí fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ gùn tí ti ẹ̀yìn sì kúrú. Tí a bá kọ Rashid lásán, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo nínú méjèèjì ni a ní lọ́kàn. Wọ́n máa ń kọ orúkọ gbajúmọ̀ olóṣèlú Tùnísíà, راشد الغنوشي, ní Rached Ghannouchi lọ́nà Faransé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ọ́ di Rashid al-Ghannushi. Rached yẹn tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ hàn díẹ̀, Rashid pa á rẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti wá ojútùú sí i tipẹ́: lẹ́tà kan, àmì kan. Nínú ìlànà wọn, Rashīd ni رشيد, Rāshid ni راشد, ẹni tó bá sì rí al-Qaḏḏāfī lè dá a padà sí Lárúbáwá láìṣì. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ojú ewé pásípọ́ọ̀tù kò gba àmì kankan, A dé Z nìkan ló mọ̀ nínú lẹ́tà. Ohun kan náà ló ń sọ Ṣọlá di Sola fún ẹnì kan àti Shola fún ẹlòmíràn.

Láti ọ̀dọ̀ wa sí Lárúbáwá ńkọ́? Sheikh Adam Abdullahi (1917 sí 1992), tó dá ilé-kéwú Markaz ti Agége sílẹ̀, fi ìlú Ìlọrin ṣe orúkọ àpèjá. Lárúbáwá kò ní fáwẹ̀lì ọ, و tí wọ́n fi ń kọ u gígùn ló sì sún mọ́ ọn jù. Wọ́n gé ìparí orúkọ ìlú náà, wọ́n fi í kún un gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó di الإلوري. Nígbà tí orúkọ yìí wá padà sí ábídí Látìnì, al-Ilory ni ọ̀pọ̀ ń kọ ní Nàìjíríà, àwọn olùtọ́jú ìwé àti onímọ̀ sì ń tẹ̀ lé lẹ́tà Lárúbáwá, wọ́n ń kọ al-Ilūrī. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wá ìwé bàbá náà ní yàrá ìkàwé gbọ́dọ̀ wá a lábẹ́ méjèèjì. Orúkọ tó ní gb nínú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Lárúbáwá kò ní ìró náà, olúkúlùkù akọ̀wé a sì yan lẹ́tà tó bá sún mọ́ ọn létí tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìkọsílẹ̀ méjì jẹ́ ti orúkọ kan lè kọ́kọ́ yọ fáwẹ̀lì kúrò, kó ka lẹ́tà tó ń kì mọ́ra sí ẹyọ kan, kó sì fi ch àti sh sí ojú kan náà. Rachidi àti Rasheed yóò ṣẹ́ kù sí r, ṣ, d. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ya رشيد sọ́tọ̀ kúrò lára راشد. Ìyẹn ló fà á tí àkójọ orúkọ àwọn tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin dè fi ní àyè fún orúkọ ẹni ní lẹ́tà ìbílẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríṣiríṣi ìkọsílẹ̀ Látìnì tí wọ́n ti rí, kí ẹni tó ń jẹ́ Rashid má baà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ Rashid mìíràn ní pápákọ̀ òfuurufú.