Tẹlifíṣọ̀n yín ní òun ò nílò àtúnṣe: ṣé òótọ́ ni?

Ẹ ní kí tẹlifíṣọ̀n Android yín wá àtúnṣe, ó dáhùn pé "Your system is up to date". Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì fi òmíràn ránṣẹ́. Kò sọ pé kò sí ibi tí olè lè gbà wọlé.

Google ló ń gbé àtúnṣe ààbò Android jáde, àmọ́ kì í ti ibẹ̀ dé palọ̀ yín tààrà. Ẹni tó ṣe ṣíìpù inú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mú un bá ṣíìpù náà mu, kí ẹni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n tó dán an wò lórí oríṣi kọ̀ọ̀kan tó ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sanwó, iṣẹ́ yìí sì ń ná wọn lówó lọ́dọọdún. Bí oríṣi tuntun bá ti dé ọjà, ti àtijọ́ á di ìgbàgbé.

Ẹ lọ sí Settings, System, About. Lórí àwọn ti àtijọ́, Device Preferences ló wà níbi System. Ẹ wo "security patch level". Tó bá jẹ́ 2021-10-05, àtúnṣe tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 kò sí níbẹ̀. YouTube tuntun ò yí èyí padà, torí ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tó ń gba wọlé.

Tó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Wi-Fi, kẹ́ ẹ so àpótí kékeré tó ṣì ń gba àtúnṣe mọ́ HDMI rẹ̀.