Aago Oníbátìrì àbí Aago Sípíríìn?

Nínú aago ọwọ́ oníbátìrì, òkúta kúọ́tìsì wẹ́wẹ́ kan ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí kì í sábà yá tàbí lọ́ra ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lóṣù. Aago sípíríìn tí a ń yí kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá 20 yá lójúmọ́, yóò ti fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú kí oṣù tó pé.

Bátìrì kò wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ aago, bí ọwọ́ tó ń ka àáyá bá ń fò ní méjì-méjì, bátìrì ti fẹ́ kú. Kí a tètè yọ ọ́, nítorí omi rẹ̀ lè jẹ ẹ̀rọ. Ti sípíríìn ló ń náni lówó: bí ọdún márùn-ún bá ti ń pé, ó yẹ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún epo rẹ̀ ṣe. Owó iṣẹ́ yẹn lè ju iye tí wọ́n fi ra aago olówó pọ́ọ́kú lọ.