Ìwé Ìlàlóye: Bí Oníṣirò Owó Ṣe Ń Kọ Ipò Rẹ̀ Sínú Síífì ní Àbíjàn

Oníṣirò owó tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, tó sì ń wá iṣẹ́ ní Àbíjàn, ni a kọ ìwé yìí fún. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ará wa mìíràn pọ̀ nínú wọn, àwọn tí òbí wọn ti ń tajà ní Treichville àti Adjamé tipẹ́. Ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì kọ ló máa ń kó ọ̀pọ̀ wọn sí wàhálà.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni agbanisíṣẹ́ ń wá: ìdánwò tí ẹ ti yege, ẹgbẹ́ tó ti gbà yín wọlé, àti àṣẹ láti ṣí ọ́fíìsì kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé owó oníbàárà. Ẹni tó ní àkọ́kọ́ lè má ní èkejì, ẹni tó ní èkejì sì lè má ní ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó yege ìwé tó kù fún un nínú ìdánwò ICAN ní oṣù kọkànlá 2023. Ó wá kọ "ACA" sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ó sì kọ "expert-comptable" sí abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì ló ṣì kọ.

Òfin ọdún 1965 ló dá ICAN sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹni náà ṣì ní láti fi ẹ̀rí ìrírí iṣẹ́ hàn, kí ẹgbẹ́ sì gbà á wọlé níbi ayẹyẹ, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé ọmọ ẹgbẹ́, kó sì gba nọ́ńbà. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, lẹ́tà mẹ́ta yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó má sì kọ pé ACA òun "ń bọ̀ lọ́nà", nítorí ìyẹn kò sọ ibi tó dé fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó kọ nìyí: "Ìdánwò ICAN, Nàìjíríà: mo parí ìpele Professional, oṣù kọkànlá 2023. N kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́."

Ìlà kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Côte d'Ivoire, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ordre des Experts-Comptables nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè "expert-comptable". Òfin OHADA lórí ilé-iṣẹ́ tún sọ pé níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lè yàn láti máa yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ wò lábẹ́ òfin. Bí obìnrin yìí bá tilẹ̀ di ACA lọ́la, ìyẹn kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Ordre. Kò sì pọn dandan kó wà níbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ olówó oṣù nínú ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Kí ó kọ "oníṣirò owó", kó sì fi ìlà kan kún un pé òun kò sí nínú ìwé Ordre. Agbanisíṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́.

Fún ẹni tí kò tíì parí ìdánwò, ìpele mẹ́ta ICAN ni Foundation, Skills àti Professional. Bí ìwé kan bá ṣì kù ní Skills, ẹ ò tíì parí Skills. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìwé tí ẹ ti yege. Ìwé tí wọ́n yọ̀ǹda fún yín nítorí oyè yunifásítì, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ má kọ pé ẹ yege rẹ̀. Ní ti ACCA, ẹni tó parí ìdánwò tí kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ ní orúkọ tirẹ̀, "ACCA affiliate". Òun náà kò lè fi ACCA lásán sẹ́yìn orúkọ.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà DECOFI, tí UEMOA gbé kalẹ̀ ní ọdún 2000, ní àtẹ̀gùn tirẹ̀: DECOGEF, DESCOGEF, ọdún mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, kí DECOFI fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹni tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ yóò kọ "DESCOGEF", ọdún tó gbà á, ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́, àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣẹ ìṣiṣẹ́ tún yàtọ̀ sí jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ ICAN tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún oníbàárà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́tọ̀, ìwé náà kò sì ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn. Bí ẹ bá ní i, ẹ kọ orílẹ̀-èdè àti ọdún tí àṣẹ náà bò. Bí ó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ kọ "láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí" kí ó má dà bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ti yọ orúkọ yín nítorí owó ẹgbẹ́ tí ẹ kò san, lẹ́tà ẹ̀yìn orúkọ náà gbọ́dọ̀ kúrò títí tí wọn yóò fi dá yín padà.

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá gba obìnrin àpẹẹrẹ wa wọlé, kí ó yọ "N kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́" kúrò. Yóò wá kọ "ACA, ICAN Nàìjíríà", ọdún ìwọlé àti nọ́ńbà rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlà tó sọ pé kò sí nínú ìwé Ordre yóò wà níbi tó wà.