Bí Awọ Ẹlẹ́dẹ̀ Ṣe Lè Rún Wómúwómú Nígbà Ọyẹ́ ní Sókótó

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa ra ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ kílò 2, ó fẹ́ sun ún fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti ilé. Ẹran inú rẹ̀ dùn gan-an ni, àmọ́ awọ òkè rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ńṣe ló ń fà bíi rọ́bà. Àwọn àlejò ń bọ́ awọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ojú sì ti ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ní iná tí àwọn lò ló kéré. Kì í ṣe iná nìkan ló fà á o. Omi tó wà nínú awọ ni.

Kí n tó lọ síwájú: àpilẹ̀kọ yìí wà fún àwa tá a ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ìlú Mùsùlùmí la sì ń gbé. Tí ó bá di ọjọ́ ìpàdé tàbí àríyá, ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò ẹ̀, ọ̀bẹ ẹ̀ àti àwo ẹ̀ ní láti wà lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún èèyàn ohun tó wà nínú abọ́.

Ẹ kì í rí i lórí tábìlì ní ọjà gbogbogbò níbí. Mámì mákẹ́ẹ̀tì inú bárékè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà á ní ìlú Hausa. Ẹ ní kí alápatà gé abẹ́ ikùn fún yín, èyí tí ọ̀rá àti ẹran rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú awọ lódindi lórí. Ẹ gbóòórùn awọ náà. Tó bá ń rùn bíi táyà tàbí kẹrosíìnì, ohun tí wọ́n fi jó irun orí ẹ̀ nìyẹn, ẹ má rà á. Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná fá ló dáa jù. Tó bá jẹ́ iná igi ni wọ́n fi jó o, ẹ fi ọ̀bẹ ha dúdú ẹ̀ kúrò dáadáa.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ kí ọwọ́ yín lè balẹ̀. Okùn líle kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìnnì ló pọ̀ jù nínú awọ, omi sì wà láàárín ẹ̀. Omi máa ń hó ní dìgírì 100. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ nínú awọ, ooru awọ náà kò ní kọjá ibẹ̀, bó ti wù kí iná yín le tó. Ńṣe ni yóò máa bọ̀ bí ẹni ń se pọ̀nmọ́. Nítorí náà, a kọ́kọ́ ní láti gbẹ omi orí ẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà, iná jẹ́jẹ́ yóò rọ okùn líle yẹn, yóò sì yọ́ ọ̀rá abẹ́ ẹ̀. Omi díẹ̀ tó bá kù nínú rẹ̀ ni iná líle ìkẹyìn yóò sọ di ooru lójijì, tí awọ yóò fi wú bíi gúgúrú. Ẹ rántí pé gúgúrú tí omi inú ẹ̀ ti tán kì í bẹ́, èyí tó tutù jù náà kì í bẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ yìí.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, kílò 2 náà ni mo rà. Mo fi omi hó awọ ẹ̀ díẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún awọ náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: awọ nìkan lẹ ó gún, kí ọ̀bẹ má dé inú ẹran. Tó bá dé ibẹ̀, omi ẹran yóò máa sun jáde sórí awọ, ojú ibẹ̀ kò sì ní wú láéláé. Mo fi iyọ̀, ata gígún àti áyù pa abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ẹran. Iyọ̀ nìkan, ṣíbí ìjẹun kan, ni mo fi sórí awọ. Ata á jóná níbẹ̀.

Mo gbé e sínú fíríìjì láìbò, awọ sókè, láti alẹ́ Ẹtì di alẹ́ Àbámẹ́ta. Iyọ̀ ń fa omi jáde, atẹ́gùn fíríìjì sì ń gbé e lọ. Nígbà tí mo yọ ọ́, awọ náà ti le, ó ń dán, kò sì lẹ̀ mọ́ ìka.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Iná ń kọ́?" Òótọ́ ni. Èrò tó máa ń wá sọ́kàn ni pé ọyẹ́ Sókótó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó ń la ètè wa, kí la fẹ́ fi fíríìjì ṣe? Ẹ má gbé ẹran tútù síta di ọjọ́ kejì o. Ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta, ní oṣù kẹrin tí ooru ń kọjá dìgírì 40, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan. Àmọ́ ọyẹ́ wúlò fún wákàtí yẹn. Ẹ fi iyọ̀ pa awọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ nu omi tó bá jáde kúrò, kí ẹ wá tan fáànù sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú míì. Kò tó ti fíríìjì, ṣùgbọ́n ó dáa ju kẹ́ ẹ kàn gbé e wọ iná lọ. Ní oṣù kẹjọ tí òjò wà, ọgbọ́n yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ tutù.

Kí ẹ tó gbé e sínú ófìnnì, ẹ gbọn iyọ̀ tó ti rọ̀ kúrò lójú awọ. Mo fi fóìlì ká ẹ̀gbẹ́ ẹran, mo sì fi awọ sílẹ̀ láìbò. Níbi tí awọ ti tẹ̀ wọnú, mo fi fóìlì tí mo ká bíi bọ́ọ̀lù gbé abẹ́ ẹran sókè kí ojú ẹ̀ lè tẹ́jú. Dìgírì 150, wákàtí 2 àti ààbọ̀. Nígbà tó pé, ọ̀bẹ wọ inú ẹran wẹ́rẹ́, ọ̀rá sì ti yọ́ sínú àwo. Awọ kò tíì wú rárá nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba èèyàn, tí yóò sì rò pé ó ti bàjẹ́. Kò tíì bàjẹ́, ìgbà tó kẹ́yìn ló kù. Mo da ọ̀rá inú àwo kúrò kó má bàa rú èéfín, mo ṣí iná dé dìgírì 230, mo sì gbé e padà fún ìṣẹ́jú 25. Láti ìṣẹ́jú 10 ni mo ti ń wò ó. Ibi tó bá kọ́kọ́ wú tó sì ń dúdú, ẹ fi fóìlì kékeré bò ó, kí àwọn tó kù lè bá a.

Ẹni tí kò ní ófìnnì lè lo ìkòkò ńlá tó ní yanrìn nísàlẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń fi bẹ kéèkì. Èédú díẹ̀ nísàlẹ̀ fún iná jẹ́jẹ́. Nígbà tó bá di ti ìkẹyìn, ẹ kó èédú pupa jọ sórí ìdérí. Òkè ni ooru ti gbọ́dọ̀ wá, torí òkè ni awọ wà. Ìdérí yẹn ní láti jẹ́ irin tó nípọn, ẹ sì ṣe é níta gbangba.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan awọ náà. Tó bá dún kó-kó-kó bí igbá gbígbẹ, ó ti jinná. Tó bá dún wúyẹ́, ó kù. Ẹ jẹ́ kó simi fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gé e, ẹ má sì fi nǹkan kan bò ó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe lẹ́yìn náà nìyẹn: ó fi ìdérí bo ẹran gbígbóná kó má bàa tutù, ooru dìde, ó padà di omi, awọ tún rọ̀. Ẹ dojú ẹran dé, awọ nísàlẹ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e. Ọ̀bẹ tó ní eyín ló máa ń gé awọ láì fọ́ ọ. Èyí tó bá kù, ẹ kó o sí fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún un gbé sínú ófìnnì gbígbóná fún ìṣẹ́jú 10, yóò tún rún.