Ìró Ìkìlọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá Lóhùn

Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata a máa sùn fọnfọn nígbà tí ẹ̀rọ náà ń pariwo. Àlejò rẹ̀ ni oorun kì í kùn. Ariwo náà kò dínkù, etí onílé ni ó ti kọ̀ láti máa kà á sí. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì ní yàrá àwọn tí ọkàn wọn kò dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ aláìsàn ń ka ìlù ọkàn rẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá kọjá ààlà tí wọ́n fi fún un, tàbí bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ a ké. Bí igbe bá pọ̀ jù, igbe tí ó jẹ́ ti ikú gan-an lè bọ́ sí àárín àwọn tí kò ní láárí.

Ìròyìn ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 láti yunifásítì kan ní ìlú Sán Faransísíkò, ní Amẹ́ríkà, fi bí ọ̀ràn náà ti pọ̀ tó hàn. Lórí ibùsùn 77, láàárín ọjọ́ 31, ìkìlọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ ṣe lé ní 2,500,000. Èyí tí etí lè gbọ́ nínú wọn tó 187 lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ 12,671 wò nínú ìkìlọ̀ tí ó sọ pé ìlù ọkàn dàrú, bí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò jẹ́ òtítọ́.

Pípa ẹ̀rọ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe lẹ́yìn ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan sí ni kí wọ́n kó jọ, kí wọ́n wá bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ìdí náà kì í ju mẹ́rin lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè jẹ́ pé ìkìlọ̀ ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó lè jẹ́ pé ààlà tí wọ́n fi sí i kò bá aláìsàn náà mu. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ ti gbẹ tàbí pé ó ti ṣí. Ẹ̀kẹrin ni pé ó yẹ kí ẹnìkan lọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ni yóò lọ.

Oògùn ìdí kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bí ohun àyà bá gbẹ, pípààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni àtúnṣe. Yíyí ààlà padà kò lè wo ìyẹn sàn.

Ilé ìwòsàn kan ní ìlú Bọ́sítọ̀n, Bọ́sítọ̀n Mẹ́díkà Sẹ́ńtà, dán an wò ní yàrá àrùn ọkàn kan. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú igbe tí kò rí èsì jẹ́ ti ìkìlọ̀ kékeré tí ń dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ààlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlù ọkàn 50 ní ìṣẹ́jú kan. Ti òkè jẹ́ 120. Wọ́n yí wọn sí 45 àti 130. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí ó dà bí òdìkejì: wọ́n gbé ìkìlọ̀ ìlù ọkàn wọ̀nyí sí ipò pàjáwìrì, tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ wò kí ó tó dákẹ́. Wọ́n sì fún nọ́ọ̀sì méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣọ̀kan láṣẹ láti yí ààlà padà fún aláìsàn kan ṣoṣo.

Bí àpẹẹrẹ, kí a gbà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dẹ ọkàn bàbá kan lọ́wọ́, tí ó fi ń lù ní 44 bí ó bá ti sùn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìbá ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò dìde. Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì lọ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé ara bàbá le, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sọ ààlà di 40, ariwo sì tán. Igbe 87,823 tí wọ́n ń gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan wá sọ̀ kalẹ̀ sí 9,967.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Pé ẹnikẹ́ni kò dáhùn kò túmọ̀ sí pé ìkìlọ̀ náà kò wúlò. Èyí tí ó wà nínú ìdí kẹrin lè jẹ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Nítorí náà, kí wọ́n tó pa ìkìlọ̀ kan lẹ́nu mọ́, ó yẹ kí wọ́n wo bí aláìsàn ti rí lẹ́yìn tí ó ké. Bí ara rẹ̀ bá burú sí i, ìkìlọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹni tí yóò dáhùn ni wọn kò tíì yàn. Lẹ́yìn àyípadà pẹ̀lú, kíka igbe tí ó dínkù nìkan kò tó. Iye aláìsàn tí wọ́n sáré gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe láìsí ìkìlọ̀ kankan ṣáájú ni yóò sọ bóyá ohun tí wọ́n mú kúrò jẹ́ ariwo lásán.